Kí Ni Funfun Inú Fíìmù Yìí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Ẹ́síréè Àyà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, inú àpò ìwé ńlá kan ló wà, èyí tí wọ́n máa ń fi fíìmù ẹ́síréè sí. Ọ̀pọ̀ yín ti gbé e rí láti ilé ìyàwòrán dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Inú mọ́tò ni wọ́n á ti fa fíìmù yẹn yọ, wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, ẹni tó jókòó tì wọ́n á sì nawọ́ sí i: "Ẹ ò rí funfun yẹn? Ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń jẹrà yẹn." Bẹ́ẹ̀, ọkàn lásán ni onítọ̀hún ń nawọ́ sí.

Ọdún 29 ni mo fi ya ẹ́síréè kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya àwòrán. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ kíkà á ló ń kọ àbájáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fún ọdún 29 yóò ti tọ́ ọ wò. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wò àti ohun tó yẹ kí ẹ bi dókítà yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí dúdú àti funfun. Ìtànṣán ẹ́síréè ń la ara kọjá bí oòrùn ti ń la aṣọ kọjá. Aṣọ tó bá fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á là á já. Èyí tó bá nípọn á dá a dúró. Ibi tí ìtànṣán bá ti ráyè kọjá dé orí fíìmù, ibẹ̀ á dúdú. Ibi tí nǹkan bá ti dí i lọ́nà, ibẹ̀ á funfun. Nígbà tí Röntgen, ará Jámánì tó rí ìtànṣán yìí ní ọdún 1895, ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, egungun ìka àti òrùka ló hàn ketekete. Ẹran ọwọ́ rí bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní. Afẹ́fẹ́ kì í dí ìtànṣán, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, fi dúdú. Egungun funfun. Irin ló funfun jù lọ.

Láàárín dúdú àti funfun yìí ni omi, ẹ̀jẹ̀, ọyún àti ẹran ara wà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà, nítorí ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń hàn. Omi lásán kò yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ lójú fíìmù, ẹ̀jẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ọyún. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn aṣọ títa, tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ènìyàn ni, ẹ ó rí bó ti ga tó, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ bóyá àǹkárá ló wọ̀ tàbí léèsì. Òjìji ni fíìmù ń fún wa, kì í kọ orúkọ àrùn sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ni dókítà máa ń fi òye mọ ohun tó wà nídìí òjìji: ibi tó wà, bí etí rẹ̀ ṣe rí, àti bóyá ó ń ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ síwájú ni tàbí ó ń fà wọ́n mọ́ra. Èyí ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa padà sí i.

Kí ẹ tó wo àárín fíìmù, ẹ wo igun rẹ̀. Ṣé orúkọ yín ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n yà á ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, fíìmù máa ń ṣi àpò wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá lẹ́tà L tàbí R. L ni apá òsì ẹni tí wọ́n yà, R ni apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹ gbé fíìmù náà bí ẹni pé onítọ̀hún kọjú sí yín, tí ẹ jọ ń kíra yín: apá òsì rẹ̀ á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ọkàn rẹ̀ á sì yọ sí ọ̀hún. Ẹni tó bá fi fóònù ya fíìmù láti ẹ̀yìn, tó wá fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, yóò gbé ọkàn bàbá rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún láìmọ̀. Mo ti rí ẹbí tó sunkún nítorí èyí. Bí lẹ́tà L bá dojú kodò tàbí tó kọ ẹ̀yìn sí yín, ẹ̀yin lẹ ṣi fíìmù náà gbé.

Ohun kejì ni èémí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pariwo láti ẹ̀yìn gíláàsì pé, "Ẹ mí sínú dáadáa, ẹ má mí síta o!" Bí èémí bá kún, ẹ̀dọ̀fóró á là, á sì dúdú. Bí èémí kò bá kún, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀, á rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó, ọkàn á sì dà bí èyí tó wú. Egungun ìhà la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti ẹ̀yìn wá ló nà gbọọrọ láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ kà wọ́n láti òkè wá. Bí ẹ bá ka mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kí ẹ tó kan ilẹ̀ àyà, ìyẹn awọ ẹran tó pààlà láàárín àyà àti ikùn, èémí náà kún. Bí ó bá jẹ́ méje péré, ẹ má tíì bẹ̀rù ohunkóhun tí ẹ bá rí nísàlẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹrù ara, èyí sì kan ẹ̀ṣẹ̀ tèmi fúnra mi. Ọmọbìnrin kan wá ya àyà nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò wúkọ́. Wọ́n fi wúùlù di irun rẹ̀, ó sì gùn dé ẹ̀yìn. Mo ní kó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti kọ́mú, ó bọ́ wọn. N kò rántí irun. Nígbà tí fíìmù jáde, ìlà funfun wínníwínní wà ní òkè ẹ̀dọ̀fóró òsì, níbi tí ikọ́ ife máa ń fẹ́ràn gan-an. Dókítà kọ ọ́ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, ọmọ náà kò sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó padà wá ni mo tó wo fíìmù náà dáadáa, mo rí i pé àwọn ìlà yẹn kò dúró sínú àyà: wọ́n gba ọrùn kọjá, wọ́n sì jáde sí òkè èjìká. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kò lè jáde sọ́rùn. A kó irun náà sórí, a tún un yà, gbogbo rẹ̀ pòórá. Láti ọjọ́ náà, irun ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kó irun sókè kí wọ́n tó yà yín, bí ẹni tó ń yà yín kò bá tilẹ̀ sọ ọ́. Orí ọmú náà máa ń hàn nísàlẹ̀ bí kóró róbótó, lára ọkùnrin àti obìnrin, ó sì ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ̀rọ̀ lórí ọkàn, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń bèèrè. Wọ́n á fi okùn wọn ọkàn níbi tó ti fẹ̀ jù, wọ́n á sì wọn inú àyà níbi tí òun náà ti fẹ̀ jù. Lára àgbàlagbà, ọkàn kò gbọdọ̀ ju ìdajì àyà lọ. Bí ó bá jù ú, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára ni dókítà ilẹ̀ wa sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Ó sì lè jẹ́ omi ló yí ọkàn ká, tí òjìji rẹ̀ á fi jókòó bẹ̀rẹ̀kẹ̀tẹ̀ bí àmù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kò ṣeé fọkàn tán àfi bí ẹni náà bá dúró, tó fi àyà lé pátákó, tí ìtànṣán sì ti ẹ̀yìn wá. PA ni wọ́n máa ń kọ sára fíìmù bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, iwájú ni ìtànṣán rẹ̀ ti ń wá, AP ni wọ́n ń pè é, ọkàn á sì jìnnà sí pátákó, òjìji rẹ̀ á fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ dúró níwájú àtùpà, kí ẹ gbé ọwọ́ yín súnmọ́ ògiri, kí ẹ tún gbé e jìnnà sí i, ohun tí mò ń sọ á yé yín.

Ó wá ku ìtàn oníṣòwò pákó kan.

Ẹni ọdún 48 ni. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ ń gbóná ní alaalẹ́, ó sì ń rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá mí kanlẹ̀, nǹkan á gún un ní ìhà ọ̀tún bí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gígún náà rọlẹ̀, ó sì rò pé ara ń yá. Ṣùgbọ́n kò lè gun òkè ilé rẹ̀ mọ́ láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Awọ méjì ló yí ẹ̀dọ̀fóró ká, ọ̀kan mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì mọ́ ìhà. Nígbà tí wọ́n wú tí wọ́n sì ń ha ara wọn, ó ń dùn ún. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí àárín wọn, wọ́n kò ha ara wọn mọ́, ìrora lọ, èémí sì bẹ̀rẹ̀ sí í há.

A ya fíìmù rẹ̀, èmi àti dókítà sì jọ gbé e sórí àpótí iná. Orúkọ pé, lẹ́tà wà níbi tó yẹ, ó dúró, ó mí kún. Apá òsì rẹ̀ dára: ẹ̀dọ̀fóró dúdú, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀ bí gbòǹgbò, nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà sì ni igun kan tó mú ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ máa wo igun yẹn lára fíìmù yòówù. Bí omi bá ń wọ àyà, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dá sí, igun náà á sì kújú. Kí ó tó kújú lójú fíìmù ẹni tó dúró, omi náà á ti tó nǹkan bíi ìdajì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Ohun tó bá kéré sí ìyẹn lè wà níbẹ̀ kí fíìmù má rí i.

Apá ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìdajì àyà lọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Igun ti lọ. Ilẹ̀ àyà kò hàn mọ́. Etí ọkàn ní apá ibẹ̀ kò hàn mọ́, nítorí pé bí funfun bá fara kan funfun, ààlà á parẹ́, bí ẹni tó wọ aṣọ àlà tó fara ti ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Etí òkè funfun náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó kọ́ bí inú igbá, ó gun òkè lẹ́bàá ìhà.

Dókítà bi mí pé kí ni mo rò, mo sì mọ̀ pé ó ń dán mi wò. Ohun mẹ́ta ló lè sọ apá àyà kan di funfun báyìí. Òtútù àyà lè fi ọyún kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró lè sùn, kí afẹ́fẹ́ tán nínú rẹ̀ nítorí pé nǹkan dí ọ̀nà rẹ̀: kókó jẹjẹrẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, tàbí ẹ̀pà tó gba ọ̀nà òdì lọ́fun ọmọdé. Tàbí kí omi dá síta ẹ̀dọ̀fóró, láàárín àwọn awọ méjì tí mo wí. Ibi tí títì àti fífà ti wúlò nìyí. Ẹ wo ọ̀nà èémí, òpó dúdú tó sọ̀kalẹ̀ láàárín ọrùn wọ àyà. Àárín gbùngbùn ni ipò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó sùn ti sún kì, àyè á ṣí sílẹ̀, á fa ọ̀nà èémí àti ọkàn mọ́ra síhà ibi tó funfun. Omi púpọ̀ jẹ́ àlejò tó wá gbàyè, á tì wọ́n lọ síhà kejì. Òtútù àyà kì í sábà fà, kì í sábà tì: afẹ́fẹ́ jáde, ọyún rọ́pò rẹ̀, àyè kò dín kò lé. Nínú funfun òtútù àyà, ẹ tún lè rí ìlà dúdú tó ya bí ẹ̀ka igi. Àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí kò tíì dí ni wọ́n, wọ́n sì hàn nítorí pé gbogbo àyíká wọn ti funfun.

Ti oníṣòwò pákó, ọ̀nà èémí ti yẹ̀ díẹ̀ sí òsì, ọkàn náà sì sún síbẹ̀. Nǹkan ń tì wọ́n. Kò sí ẹ̀ka dúdú kankan nínú funfun náà. "Omi ni, sà," mo dáhùn. Dókítà ní, "Omi wo?" Mo dákẹ́.

Ibi tí agbára fíìmù parí sí nìyẹn. Ọkàn tó rẹ̀ lè mú kí omi dá sí àyà, bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí sábà máa ń wà níhà méjèèjì tàbí kí ẹsẹ̀ wú pẹ̀lú. Ikọ́ ife lè fà á, òtútù àyà lè fà á, jẹjẹrẹ lè fà á, ìfarapa sì lè kó ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un láàárín egungun ìhà méjì ní ẹ̀yìn, omi tó jáde sì dà bí tíì tí kò tíì rẹ dáadáa. Wọ́n fa lítà kan àti díẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ń bínú pé kí ló dé tí wọn kò fa gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti fún pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá là lójijì, omi tuntun lè ya wọ inú òun fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í sábà fa ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yẹ omi náà wò, wọn kò rí kòkòrò ikọ́ ife. Ìyẹn kò yà wọ́n lẹ́nu, nítorí kòkòrò náà ṣọ̀wọ́n nínú omi àyà, kódà bí òun ló fà á. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gé èérún lára awọ tó mọ́ ìhà. Ibẹ̀ ni ikọ́ ife ti farahàn. Òògùn oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi í sí, ní ibùdó ìjọba tí wọn kì í ti í gba owó òògùn náà.

Òjìji tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mọ́ ikọ́ ife kọ́ nìyí. Èyí tí wọ́n ń sọ jù ni ti òkè ẹ̀dọ̀fóró: funfun rúdurùdu lábẹ́ egungun èjìká, nígbà mìíràn pẹ̀lú ihò dúdú tí òrùka funfun yí ká. Ihò yẹn ni ẹ̀dọ̀fóró tí àrùn ti jẹ kúrò, ẹni tó ní in sì lè fi ikọ́ ran ẹlòmíràn. Irú kan tún wà tó ń fọ́n ká ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì bí ẹni da ọkà jéró sílẹ̀, kóró kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ; ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn mọ́lé. Lára ẹni tí kòkòrò HIV ti dín agbára ara rẹ̀ kù, ikọ́ ife lè wà kí fíìmù sì mọ́ tónítóní. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

N kò ní pẹ́ lórí ibi tó dúdú jù. Ẹ̀dọ̀fóró tó dára dúdú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo wí ń hàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó dúdú kirikiri lẹ́bàá ìhà tí kò sí gbòǹgbò kankan níbẹ̀, tí ìlà funfun fẹ́lẹ́ sì pààlà fún un, afẹ́fẹ́ ti jò sí ìta ẹ̀dọ̀fóró. Èyí kì í dúró de ọ̀la, pàápàá bí ó bá ń ti ọ̀nà èémí lọ síhà kejì.

Kóró róbótó kan ṣoṣo ńkọ́, tó dá dúró bí owó ẹyọ? Ó lè jẹ́ àpá ikọ́ ife àtijọ́, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yanjú rẹ̀, fíìmù àtijọ́ ni. Bí kóró kan náà bá wà ní ibi kan náà, tí kò tóbi sí i rárá láti ọdún méjì, ọkàn dókítà á balẹ̀ púpọ̀. Bí fíìmù ọdún yẹn bá ti di èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìwé dídì, ẹ̀rọ tó wọ́n ju ẹ́síréè lọ ni wọ́n á fi wá ìdáhùn.

Nígbà tí òògùn oṣù mẹ́fà náà parí, oníṣòwò pákó padà wá. Ó ti sanra. Fíìmù rẹ̀ dúdú níbi tó yẹ kó dúdú, ọ̀nà èémí ti padà sí àárín, etí ọkàn ti yọ. Igun ọ̀tún nìkan ló kújú díẹ̀, kò mú bíi ti òsì. Ó bi mí bóyá omi ṣì kù níbẹ̀. Awọ méjì tó lẹ̀ mọ́ra wọn ni, àpá ni, títí ayé ló máa wà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tọ́jú fíìmù yìí dáadáa, kó sì mú un dání níbikíbi tí wọ́n bá tún ti fẹ́ ya àyà rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò rí igun yẹn, yóò sì sọ pé omi ti ń bẹ̀rẹ̀.